Ọdẹ Lórí Ìtẹ́ Adé

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi sún àga sẹ́yìn díẹ̀, ẹnìkan wà tí mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí. Ẹ mọ̀ ọ́n. Kò sí àdúgbò tí kò ní tiẹ̀. Ẹ jókòó jẹ́jẹ́ ti eré orí tẹlifíṣọ̀n, òun ni yóò sọ ìgbọ̀nwọ́ lù yín níhà: "Ṣé ẹ mọ ohun tí orúkọ ọkùnrin yẹn túmọ̀ sí?" Ẹ kò bi í o. Kí ẹ tó dáhùn, ó ti túmọ̀ rẹ̀ tán, ó ti sọ ẹni tí yóò kú níparí eré, ó sì ti ba oúnjẹ alẹ́ yín jẹ́. Bọ̀dá Atúmọ̀ la ń pè é ládùúgbò tiwa. Ajá ilé kejì ń jẹ́ Bíńgò bíi ti gbogbo ajá Nàìjíríà. Bọ̀dá ní "Bí-n-gọ̀" ni, pé ajá náà ló ń sọ pé bí òun bá gọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bi òun ní nǹkan. Ajá náà gbọ́, ó dìde, ó kúrò níbẹ̀.

N kò ní kí Bọ̀dá má túmọ̀ orúkọ. Òǹkọ̀wé a máa fi nǹkan pamọ́ sínú orúkọ ẹ̀dá ìtàn lóòótọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ibi tí wọn kò fi nǹkan kan pamọ́ sí ni Bọ̀dá ti ń wú ilẹ̀, ibi tí wọ́n rì í mọ́ ni ó ń jókòó lé.

Ẹ wo ìwé D. O. Fágúnwà. Ó gbé ìwé Àdììtú Olódùmarè jáde ní 1961. Bàbá ọmọ tí ìtàn dá lé ń jẹ́ Òbírí-ayé, ìyá ń jẹ́ Ìpọ́njúdìran. Bọ̀dá ká ojú ìwé kan, ó wo ọ̀run, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Mo fura pé ìdílé yìí kò rí já jẹ." Ẹ gbà mí! Ta ni kò fura? Ìyá tó ń jẹ́ Ìpọ́njúdìran, ṣé ẹ fẹ́ kó máa ta góòlù ni? Fágúnwà kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó kọ ọ́ sára ẹni bí wọ́n ti ń kọ ọ̀rọ̀ sára ọkọ̀ akẹ́rù, kí ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán lè kà á kó yà. Bí Ìmọ̀dóye bá yọjú nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n ló dé. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ dùn, ó sì kún fún ọgbọ́n, àmọ́ kò béèrè atúmọ̀.

Orúkọ tó ń béèrè atúmọ̀ ni èyí tó dà bíi ti ẹ̀gbọ́n yín, tí ẹ gbọ́ tí ẹ kò gbọ́. Olóyè kan nínú iṣẹ́ yìí ni Ọlá Rótìmí. Òun ló mú ìtàn àwọn ará Gíríìkì kan, ti ọba Ìdípọ́ọ̀sì tí Sófókílì fi ṣe eré ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì àti irinwó ọdún sẹ́yìn, tó gbé e wá sáàárín Yorùbá nínú eré The Gods Are Not to Blame. Ifẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1968, ìwé rẹ̀ jáde ní 1971. Ẹni tó bá kàwé girama á rántí rẹ̀, àti ẹni tó kà á nítorí ìdánwò tí kò sì rántí nǹkan kan mọ́ ju pé ẹnìkan fọ́ ara rẹ̀ lójú.

Ìtàn náà rèé ní ṣókí, nítorí ẹ̀yin tí ẹ sùn ní kíláàsì. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan fún Ọba Adétùsà àti Ojúọlá ní ìlú Kútùjẹ. Baba Fákúnlé, babaláwo afọ́jú, wí pé ọmọ yìí yóò pa bàbá rẹ̀, yóò fẹ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n so ó lẹ́sẹ̀, wọ́n ní kí Gbọ́nkáà gbé e lọ sígbó kó kú. Gbọ́nkáà kò lè ṣe é, ó fi ọmọ fún ọdẹ kan, Ògúndélé. Ọmọ dàgbà lọ́wọ́ ọdẹ, ó gbọ́ àyànmọ́ ara rẹ̀, ó sá kúrò nílé kí ó má baà pa ẹni tó rò pé bàbá òun ni. Nínú ìsákúsàá yẹn ló bá àgbàlagbà kan jà nítorí ilẹ̀ oko, ó sì pa á. Ó gba Kútùjẹ là lọ́wọ́ ọ̀tá, wọ́n fi í jọba, wọ́n fún un ní opó ọba. Ẹ ti mọ ìyókù. Orúkọ rẹ̀ ni Ọdẹ́wálé.

Ó yá, Bọ̀dá, túmọ̀ rẹ̀. Bọ̀dá ṣí ìwé. Ìwé òyìnbó ni, kò sí àmì lórí, kò sí àmì lábẹ́. Ó rí O-d-e-w-a-l-e. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọ̀dẹ̀ wá sílé. Ẹni tó fẹ́ ìyá rẹ̀ tí kò mọ̀, ṣé kì í ṣe ọ̀dẹ̀ ni?" Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, Bọ̀dá náà rẹ́rìn-ín, Ọlá Rótìmí yí padà nínú ibojì.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ka orúkọ Yorùbá nínú ìwé tí kò ní àmì, kí ó tó gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí ó kọ́kọ́ dá ohùn rẹ̀ padà. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn, o, d, e, lè jẹ́ òde tí à ń jáde sí, ó lè jẹ́ ọ̀dẹ̀ tí Bọ̀dá ń pe gbogbo ènìyàn, ó lè jẹ́ ọdẹ tó ń lọ sígbó. Báwo la ṣe máa yàn? Ẹ bi ara yín pé èwo nínú wọn ni Yorùbá ti ń fi sórí ọmọ tẹ́lẹ̀. Ẹ ti gbọ́ Ọdẹ́tọ́lá, ẹ ti gbọ́ Ọdẹ́yẹmí. Ta ni ẹ gbọ́ pé ó ń jẹ́ Ọ̀dẹ̀yẹmí? Bí òbí tilẹ̀ ń bínú sí oyún, kì í bínú tó bẹ́ẹ̀. Ọdẹ́wálé ló kù: ọdẹ wá sílé. Ohùn òkè tó bọ́ sórí "dẹ́" kì í ṣe ọ̀ṣọ́, òun ló ń sọ fún wa pé ọdẹ yẹn ni olùṣe nínú gbólóhùn, nítorí gbólóhùn ni orúkọ wa, kì í ṣe ẹyọ ọ̀rọ̀. Nígbà tí ohùn bá ti bọ́ sípò, oríkèé orúkọ yóò yọ fúnra rẹ̀: ọdẹ, wá, ilé.

Ẹ jẹ́ ká di orí rẹ̀ mú, nítorí orí orúkọ ni ó máa ń sọ ilé tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ọba a máa fi Adé ṣáájú, ilé babaláwo a fi Ifá, ilé alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ a fi Ògún tàbí Ọdẹ. Ẹ wá to àwọn ènìyàn inú eré yìí jọ. Bàbá: Adétùsà. Àbúrò tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀: Adérọ́pò. Ẹni tó wà láàárín wọn nínú ẹ̀jẹ̀: Ọdẹ́wálé. Àti ẹni tó tọ́ ọ: Ògúndélé. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lójú táyé láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ pe orúkọ ọba. Ọba tí orí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Ọdẹ jókòó sórí ìtẹ́ tí gbogbo ilé tó yí i ká ń jẹ́ Adé, kò sì sí ìjòyè kan tó gbé filà rẹ̀ sókè kó ní, "Kábíyèsí, kí ẹ má bínú, ilé ta ni ẹ ti wá ná?" Ìdúpẹ́ ogun ti dí wọn létí. Ìlú tí kì í fi àjèjì jọba fi àjèjì jọba, tí orí sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí àjèjì náà gan-an ni ọmọ bíbí inú ààfin. Orúkọ rẹ̀ kò parọ́, ó kàn sọ ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ ni, kò sọ ibi tí wọ́n ti bí i.

Ẹ wo ìrù orúkọ náà wàyí. Ògúndélé, Ògún dé ilé. Ọdẹ́wálé, ọdẹ wá sílé. Bàbá onítọ̀ọ́jú àti ọmọ, ìrù kan náà ni wọ́n ń jù: ilé, ilé, ilé. Nínú agbo ọdẹ, àdúrà ni. Ọdẹ tó wọ igbó lóru, ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń fẹ́ gbọ́ láàárọ̀ ni pé ó ti wálé. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ bí ó bá jẹ́ ọmọ Ògúndélé lóòótọ́. Àmọ́ ọmọ yìí ní ilé mìíràn tí kò mọ̀. Ó sá kúrò ní ilé tó mọ̀ kí ibi má baà ṣẹlẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ tó gbé sì ń mú un súnmọ́ Kútùjẹ. Ọjọ́ tó dé ibẹ̀, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń fi adé sí i lórí, àdúrà ọdẹ gbà: ọdẹ ti wálé. Mo bẹ yín, ẹ wo bí ènìyàn ṣe lè fi àdúrà pa ènìyàn.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni Adérọ́pò. Orúkọ yìí kò kígbe rárá. Ọ̀pọ̀ Adérọ́pò ló wà tí kò sí ìtàn lẹ́yìn wọn ju pé ó wu bàbá wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tó ṣẹlẹ̀: wọ́n rò pé àkọ́bí ti kú sígbó, wọ́n bí òmíràn, wọ́n ní adé ti rọ́pò, ìyẹn ni pé ilé ọba ti rí arọ́pò ẹni tó lọ. Orúkọ ìtùnú ni. Ojúọlá ń pe àbúrò, ó ń fi ohùn kan náà rántí ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ ẹran, ó ń fura sí Adérọ́pò pé ó fẹ́ gba ìtẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ ni o ń bá jà pé ó fẹ́ rọ́pò rẹ! Kódà ẹ̀fẹ̀ kò ní irú yẹn nínú àpò.

Bọ̀dá ti na ọwọ́ sókè. Ó ní òun ti kà á pé orúkọ Ìdípọ́ọ̀sì lédè Gíríìkì túmọ̀ sí ẹlẹ́sẹ̀ wíwú, nítorí wọ́n gún ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá, o jàre lẹ́ẹ̀kan. Ó wá ní, bí ó bá jẹ́ òun ni Ọlá Rótìmí, Ìgè lòun ì bá sọ ọ́, kó lè bá ti Gíríìkì dọ́gba, torí Ìgè náà jẹ́ orúkọ ẹsẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ? Ìgè ni ọmọ tó fi ẹsẹ̀ jáde láti inú ìyá rẹ̀. Orúkọ àmútọ̀runwá ni, ọ̀run ló ti mú un bọ̀, ìyá ìkúnlẹ̀ ló ń jẹ́rìí sí i. Ọdẹ́wálé kò fi ẹsẹ̀ jáde, ènìyàn ló so ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti dáyé. Ẹni tó bá sọ ọ́ ní Ìgè ti gbé ẹ̀bi àwọn òbí rẹ̀ lọ fi lé ọmọ lórí. Rótìmí mọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún okùn tí wọ́n fi so ó, ó wá gbé àṣírí orúkọ lọ síbi tí Yorùbá ń gbé e sí, ìyẹn ìdílé àti ipò ìbí.

Ó tún yẹ ká dá Bọ̀dá lẹ́kun lórí Gbọ́nkáà. Wákàtí kan ló fi gé e: "gbọ́n", "ká", "gbọ́n-ká". Bọ̀dá, sinmi. Oyè ni. Ọ̀yọ́ ló ti wá, àwọn tó gbọ́ ìtàn Ṣàngó mọ̀ ọ́n. Bí orúkọ ẹ̀dá ìtàn bá jẹ́ oyè, iṣẹ́ tí oyè náà ń ṣe ni ẹ óò wò, ẹ má fi àdá wọ inú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi oyè pè nínú eré, iṣẹ́ ọba ló wà lọ́rùn rẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé òun ni wọ́n gbé ọmọ lé lọ́wọ́.

Kí n sì tó kúrò lọ́dọ̀ Rótìmí, ẹ jẹ́ kí n fi òun náà ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Emmanuel Gladstone Ọláwálé Rótìmí. Ẹ gbọ́ ìrù yẹn: Ọlá-wálé, Ọdẹ́-wálé. N kò sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o, kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n má fi ìwé lé mi kiri. Ìrù "wálé" pọ̀ ní Yorùbá bí ẹyẹ ẹ̀ga. Ìbátan tí ẹ bá rí láàárín orúkọ méjì kò tíì di ẹ̀rí, àfi bí ìtàn fúnra rẹ̀ bá tì í lẹ́yìn. Ti Ọdẹ́wálé àti Ògúndélé, ìtàn tì í lẹ́yìn, nítorí ọmọ àti alágbàtọ́ ni wọ́n. Ti Ọláwálé, ẹ fi rẹ́rìn-ín nìkan.

Ẹ bá mi kọjá sọ́dọ̀ Wọlé Ṣóyínká, nítorí òun ń fi orúkọ ṣe ìkà. Nínú The Lion and the Jewel, tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn ní 1959, ọmọbìnrin tó rẹwà ń jẹ́ Sidi. Mo ti mọ ohun tí Bọ̀dá fẹ́ sọ. Mo rí i lójú rẹ̀. Bọ̀dá, má sọ ọ́, àwọn ọmọdé wà níbí. Ó sọ ọ́. Ó ní ó ní í ṣe pẹ̀lú "ṣí" àti "ìdí". Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó wọlé. Bọ̀dá kò wo ẹni tó jókòó ti Sidi nínú eré: ìyálé ilé Baroka, Baálẹ̀ ìlú, ń jẹ́ Sadiku, orúkọ tó ti ilẹ̀ Lárúbáwá wá. Orúkọ tó bá ní irú aládùúgbò bẹ́ẹ̀, ilé Lárúbáwá ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kan ìlẹ̀kùn, kí ẹ tó wá tú ìdí ẹnikẹ́ni.

Sadiku gan-an ni kó máa wá ìtumọ̀ rẹ̀. Lédè Lárúbáwá, olóòótọ́ ni, ọkùnrin ló sì ń jẹ́ ẹ níbẹ̀. Kí ni Olóòótọ́ wá ṣe nínú eré? Baroka purọ́ fún un pé agbára ọkùnrin ti tán lára òun, ó ní kó má sọ fẹ́nì kankan, torí ó mọ̀ pé yóò sọ. Ìyá jáde, ó ń jó, ó ń yọ̀ pé àwọn obìnrin ti borí, ó gbé irọ́ náà lọ bá Sidi láìyọ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Olóòótọ́ ló gbé irọ́ dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo ọgbọ́n Baroka sì dúró lórí pé ẹni náà kò mọ̀ pé irọ́ ni.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni orúkọ tí wọ́n gé. Kí ẹ tó túmọ̀ orúkọ gígé, ẹ wá èyí tó kù wá. Wòlíì etí òkun inú eré Ṣóyínká mìíràn, Brother Jero, Jero lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, orúkọ kékeré, orúkọ ọmọlúàbí. Orúkọ náà ní kíkún ni Jeroboamu. Ẹ ṣí Bíbélì, Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí kejìlá: Jeroboamu ni ọba tó yá ère ẹgbọrọ màlúù méjì, ọ̀kan ní Bẹ́tẹ́lì, ọ̀kan ní Dánì, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ má baà máa lọ jọ́sìn ní Jerúsálẹ́mù kí wọ́n sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Jero náà ń ṣe é lọ́nà tirẹ̀. Ó mọ̀ pé ọmọ ìjọ rẹ̀ kan, Chume, ń fẹ́ na ìyàwó, ó ní Olúwa kò gbà, kì í ṣe nítorí ìyàwó o, nítorí pé ẹni tí ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ kò tíì ṣẹ kò ní fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ọjọ́ tó mọ̀ pé ìyàwó ọ̀hún ni obìnrin tó ń sin òun ní gbèsè, Olúwa yí ọkàn padà lójijì, ó gbà kí Chume nà án. Ẹni tó mọ Jeroboamu kò ní yà á lẹ́nu. Ẹni tó mọ Jero nìkan á ṣì máa wá owó ìdámẹ́wàá.

Orúkọ gígé kejì ni ti olùkọ́ ilé ìwé tó ń lé Sidi kiri, Lákúnlé. Ọ̀lẹ ahọ́n ti jẹ orí rẹ̀. Ẹ dá a padà: Ọlákúnlé, ọlá kún inú ilé. Ẹ rántí Fákúnlé tẹ́lẹ̀, Ifá kún ilé; ìrù kan náà, orí ló yàtọ̀, ẹ sì ṣọ́ra kí ẹ má fi àìsí àmì sọ ọ́ di kíkúnlẹ̀. Ọlá kún ilé ọkùnrin yìí o! Kí ló wá kọ̀ láti san? Owó orí ìyàwó. Sidi ní kó san án kí òun di tirẹ̀, ó ń sọ òyìnbó gbọọrọ pé àṣà ẹhànnà ni, pé obìnrin kì í ṣe ọjà. Títí di òpin eré. Nígbà tí Sidi ti lọ sọ́dọ̀ Baroka, tó sì ti bọ̀ tó ń sunkún, ọ̀gbẹ́ni olùkọ́ ní òun yóò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí ìfẹ́ ni, àbí? Ó fi kún un pé níwọ̀n ìgbà tí kì í ṣe wúńdíá mọ́, kò sẹ́ni tó lè retí owó orí lọ́wọ́ òun mọ́. Wọ́n ti ṣe ìṣirò ọlá tó kún ilé, wọ́n rí i pé kọ́bọ̀ kan kò gbọ́dọ̀ jáde.

Sidi fẹ́ Baroka. Kí ìlù ìyàwó tó dákẹ́, ọmọbìnrin mìíràn mi ìdí níwájú Lákúnlé, ó gbá tẹ̀lé e. Mo gbọ́ pé bàbá ọmọ yẹn ti ń ka iye iṣu.